Fìlà Dé Orí, Fìlà Kúrò Lórí: Bí Ẹ Ṣe Lè Wádìí Aṣọ àti Ìwà Tó Yẹ Kí Ẹ Tó Lọ sí Jẹrúsálẹ́mù

Ọkùnrin tó bá fẹ́ sún mọ́ Ògiri Ẹkún ní Jẹrúsálẹ́mù gbọ́dọ̀ dé fìlà. Tó bá kúrò níbẹ̀, tó fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ gba inú ọjà lọ sí Ṣọ́ọ̀ṣì Ibojì Mímọ́, ó gbọ́dọ̀ ṣí fìlà náà kó tó wọlé. Tó bá sì jẹ́ pé afárá onípákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn kan náà ló gùn, tó lọ sí àgbàlá Mọ́sálásí Al-Akisa, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè fìlà rárá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa wò bóyá ṣòkòtò rẹ̀ bo orúnkún, wọ́n á sì wo inú báàgì rẹ̀ bóyá Bíbélì wà níbẹ̀. Inú ìlú àtijọ́ tí odi yí ká ni ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ kò sì tó kìlómítà kan níbùú lóròó.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ fún àwọn tó ń lọ sí ilẹ̀ mímọ́, pé "ẹ ṣáà wọ aṣọ tó bo ara," kì í fi í tó. Òótọ́ ni, àmọ́ kò dí ihò kankan. Ẹni tó ń lọ nílò ìwádìí ibì kan lẹ́yìn èkejì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, nígbà tí àyè ṣì wà láti rán aṣọ.

Ẹ béèrè ẹni tó ni ibẹ̀

Ẹ gba ètò ìrìn àjò yín lọ́wọ́ ẹni tó ń kó yín lọ. Bí wọ́n bá kọ "Ọjọ́ Kẹta: Jẹrúsálẹ́mù" sí i, kò tíì tó ètò. Orúkọ ibi tí ẹ máa dé ni ẹ nílò, ọjọ́ tó bọ́ sí láàárín ọ̀sẹ̀, àti nǹkan bí aago tí ẹ máa débẹ̀. Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ orúkọ ibì kọ̀ọ̀kan sí apá òsì, kí ẹ sì kọ ẹni tó ń ṣàkóso rẹ̀ síwájú rẹ̀. Ìlà kejì yìí ló ṣe pàtàkì jù, nítorí òfin aṣọ kì í ṣe ti ìjọba orílẹ̀-èdè. Ẹni tó ni ilé ìjọsìn ló ń ṣe é.

Lábẹ́ àwọn rábì Júù ni àgbàlá Ògiri Ẹkún wà, sínágọ́gù gbangba sì ni wọ́n kà á sí. Nítorí náà, ọkùnrin ń bo orí, wọ́n sì ní apá tiwọn. Àwọn obìnrin náà ní apá tiwọn, lọ́wọ́ ọ̀tún ẹni tó bá kọjú sí ògiri. Tọkọtaya tó bá fẹ́ gbàdúrà pa pọ̀ níbẹ̀ ní láti dúró lẹ́yìn, ní àgbàlá òde.

Òkè tó wà lẹ́yìn ògiri náà, níbi tí mọ́sálásí Al-Akisa àti ilé tó ní òrùlé wúrà nì wà, ẹni méjì ló ń wò yín níbẹ̀. Àjọ Wákáfù ti àwọn Mùsùlùmí, tí orílẹ̀-èdè Jọ́dánì ń ṣe alábòójútó rẹ̀, ló ń rí sí ìwà àti aṣọ nínú àgbàlá. Ọlọ́pàá Ísírẹ́lì ló ń yẹ báàgì wò lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí ọ̀kan gbà láàyè, èkejì lè kọ̀ ọ́, ẹ̀yin sì ní láti tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn.

Ní Ṣọ́ọ̀ṣì Ibojì Mímọ́, ìjọ mẹ́fà ló ń pín ilé kan lò: Gíríìkì Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, Kátólíìkì, Àméníà, Kọ́bùtì, Síríà àti Etiópíà. Wọ́n ti ń jà nítorí ilé yìí tipẹ́tipẹ́, débi pé ọba Tọ́kì fi àṣẹ kan dè wọ́n ní 1852 pé kí oníkálukú dúró síbi tó wà. Títí dòní, àkàsọ̀ igi kékeré kan ṣì wà lábẹ́ fèrèsé tó wà lókè ẹnu ọ̀nà, nítorí kò sí ìjọ tó lè dá gbé e kúrò. Àwọn ìdílé Mùsùlùmí méjì ló sì ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n sì ń ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin tó ń lọ, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tí pásítọ̀ yín gbà láàyè kò kan ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn. Àlùfáà Gíríìkì tó dúró nídìí ibojì lè ní kí ẹ máa lọ kí ẹ tó sọ àmín.

Ibi tí ẹ máa kà á

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ojú ìwé ẹni tó ni ibẹ̀ gan-an, lẹ́yìn náà ẹ wo àwòrán, lẹ́yìn náà ẹ béèrè lọ́wọ́ èèyàn. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, Western Wall ni Ògiri Ẹkún, Temple Mount ni òkè tí Al-Akisa wà, Holy Sepulchre ni Ibojì Mímọ́, Garden Tomb sì ni Ibojì Inú Ọgbà tí a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú. Àwọn ọ̀rọ̀ yìí ti tó láti tẹ̀ sórí fóònù:

```
Western Wall visitors dress code
Temple Mount visiting hours non-Muslims
Holy Sepulchre opening hours
Garden Tomb Jerusalem group booking
```

Ẹ ya òfin aṣọ sọ́tọ̀ kúrò lára òfin aago. Òfin aṣọ kì í sáré yí padà. Ojú ìwé tó ti pé ọdún márùn-ún lè ṣì sọ òótọ́ nípa rẹ̀. Ti aago kò rí bẹ́ẹ̀. Àkókò tí àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí lè fi wọ àgbàlá Al-Akisa máa ń yàtọ̀ nígbà òtútù àti nígbà ooru, wọ́n sì lè ti ibẹ̀ láìkìlọ̀ bí wàhálà bá ṣẹlẹ̀. Púpọ̀ lára ojú ìwé àwọn tó ń ta ìrìn àjò ló ṣì gbé aago ọdún pípẹ́ síta. Ní ti aago, ẹ gba ohun tó tuntun jù lọ nìkan, kí ẹ sì tún un wò ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń lọ gan-an. Bákan náà ni ẹ ṣe máa wo ìkìlọ̀ ààbò nípa agbègbè yẹn kí ẹ tó sanwó ohunkóhun.

Nígbà tí ẹ bá ń wo àwòrán tí àwọn èèyàn yà, ẹ má ṣe tẹjú mọ́ pẹpẹ tàbí wúrà. Ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ wò. Ẹ wo àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn àwòrán, àwọn tí kò mọ̀ pé wọ́n ń ya àwọn. Báwo ni apá aṣọ wọn ṣe gùn tó? Ṣé ẹnì kan ń fi aṣọ yá àwọn àlejò lẹ́nu ọ̀nà? Bí ẹ bá rí agbọ̀n aṣọ tàbí fìlà àyálò, ẹ mọ̀ pé òfin ibẹ̀ kì í ṣe ti orí ìwé lásán. Wọ́n ń dá èèyàn padà.

Ìbéèrè tí ẹ máa bi ẹni tó ń kó yín lọ náà ní láti mú ṣáṣá. "Ṣé aṣọ tí mo máa wọ̀ dáa?" kò lè mú èsì gidi jáde; yóò ní ó dáa. Ẹ bi í báyìí: "Ọjọ́ wo la máa dé Ògiri Ẹkún, ṣé oòrùn ọjọ́ Jímọ̀ máa ti wọ̀?" "Ṣé a máa gun òkè lọ sí àgbàlá mọ́sálásí? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, níbo la máa kó Bíbélì wa sí?" "Ibo la ti lè kọrin?" Ẹni tó bá ti kó èèyàn débẹ̀ rí á dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ń kólòlò, ẹ fi ojú sí i lára.

Kàlẹ́ńdà mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀

Sábáàtì àwọn Júù bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, ó sì parí nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú lọ́jọ́ Sátidé. Láàárín àkókò yẹn, ẹ kò gbọ́dọ̀ ya àwòrán nídìí Ògiri Ẹkún, ẹ kò gbọ́dọ̀ fi fóònù ṣe ohunkóhun, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ kọ̀wé. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló máa ń bá àwọn ará wa lójijì, torí pé ọ̀pọ̀ ló ti fi ìwé àdúrà tí wọ́n máa fi há àárín òkúta ṣe ìdí pàtàkì ìrìn àjò wọn. Ẹ kọ ọ́ láti ilé. Ẹ má sì ṣe fa ti ẹlòmíràn yọ nígbà tí ẹ bá ń wá àyè fún tiyín: ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń kó àwọn ìwé náà jáde, wọ́n á sì lọ sin wọ́n sórí Òkè Ólífì.

Àgbàlá Al-Akisa kì í ṣí fún àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí lọ́jọ́ Jímọ̀ àti Sátidé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣí fún wọn nígbà ọdún àwọn Mùsùlùmí. Nínú oṣù Ràmàdáànì, àyè tí wọ́n máa ń fún àlejò ń kéré sí i. Oṣù náà ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá padà sẹ́yìn lọ́dọọdún, nítorí náà ẹ má ṣe fi ọdún tó kọjá wo ọdún yìí.

Ọdún Àjíǹde náà ní méjì. Àwọn Gíríìkì àti àwọn ìjọ Ìlà-Oòrùn máa ń fi kàlẹ́ńdà tiwọn ka tiwọn: ní 2026, April 5 ni ti àwọn Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì, April 12 ni ti àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá rò pé ọdún ti parí, tó lọ sí Ibojì Mímọ́ ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àárín èrò tó ń dúró de Iná Mímọ́ tí àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì máa ń gbé jáde látinú ibojì ló máa bọ́ sí, kò sì ní ráyè yí ọrùn.

Aṣọ tiwa, ẹ dán an wò nílé

Aṣọ Yorùbá bo ara dáadáa, kò sí iyàn jíjà nínú ìyẹn. Ibi tí ó ti ń kù díẹ̀ káàtó kò hàn nígbà tí èèyàn bá dúró níwájú dígí. Nítorí náà, ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ ṣe nǹkan mẹ́rin: ẹ na apá méjèèjì sókè bí ẹni ń gbàdúrà, ẹ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ fi ọwọ́ kan òkúta ilẹ̀, ẹ jókòó sórí àga kúkúrú, ẹ gun àkàsọ̀ mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn wò yín láti ẹ̀yìn.

Bùbá tí ọrùn rẹ̀ gbòòrò á yọ̀ kúrò léjìká kan nígbà tí ẹ bá na ọwọ́. Apá rẹ̀ tó fẹ̀ á ṣí inú abíyá sílẹ̀. Léèsì tí kò ní aṣọ nínú, tí oòrùn bá tàn sí i láti ẹ̀yìn, kò yàtọ̀ sí ìhòòhò lójú aṣọ́nà; ẹ wọ ṣimí aláwọ̀ kan náà sábẹ́ rẹ̀. Ìró tí wọ́n kàn ró máa ń tú lórí àkàsọ̀ òkúta, òkúta ìlú àtijọ́ sì ti dán bí àwo torí ẹsẹ̀ èèyàn. Ẹ jẹ́ kí télọ̀ rán ìró náà ní ojú kan kó ní okùn, kó dé kókósẹ̀. Kaba àńkárá tó bo orúnkún nígbà tí ẹ bá dúró á sún dé itan bí ẹ bá jókòó, nítorí náà ẹ fi ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì kún gígùn rẹ̀.

Gèlè bo irun, kò sí ẹ̀sùn lórí ìyẹn. Àmọ́ gèlè gíga á dí ojú ẹni tó wà lẹ́yìn, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì lè ní kí ẹ tú u. Ìborùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó gùn tó nǹkan bí ọ̀pá méjì wúlò jù ú lọ: ó lè bo orí, ó lè bo èjìká, ó sì lè di ìró bí ẹnì kan bá ní ẹsẹ̀ yín hàn.

Ní ti ọkùnrin, fìlà àdìrẹ tàbí fìlà aṣọ òkè ti tó nídìí Ògiri Ẹkún. Kò pọn dandan kó jẹ́ pẹlẹbẹ kékeré tí àwọn Júù ń dé. Orí bíbò ni wọ́n ń wá. Ẹni tí kò bá mú fìlà wá á rí ti àyálò lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀fẹ́ ni. Agbádá ni kí ẹ fi sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì. Nínú Ṣọ́ọ̀ṣì Ibojì Mímọ́, àwọn èèyàn máa ń tan àbẹ́là mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí wọ́n dì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, nínú èrò, apá agbádá sì gùn tó láti lọ bá iná yẹn.

Aṣọ ẹgbẹ́ náà ń kọ́? Pólò tí wọ́n ya àgbélébùú àti orúkọ ìjọ sí lẹ́yìn dára fún ìdánimọ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ má wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ sí Ògiri Ẹkún tàbí àgbàlá mọ́sálásí. Bí àgbélébùú bá wà lọ́rùn yín, ẹ tì í sínú aṣọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ara yín láàárín èrò, ìborùn aláwọ̀ kan náà fún gbogbo ẹgbẹ́ á ṣe é láì sọ ohunkóhun nípa ẹ̀sìn.

Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ kan sápò. Wọ́n ń bọ́ bàtà ní Ṣọ́ọ̀ṣì Etiópíà tó wà lẹ́yìn odi ìlú, bí ọmọ Sẹ̀lẹ́ ṣe ń bọ́ ọ nílé. Òkúta ibẹ̀ tutù lóṣù December.

Ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀

Aṣọ kì í sábà kó àwọn ará wa sí wàhálà tó ìwà tí a kò kà sí nǹkan kan. Ní àgbàlá Al-Akisa, ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kò gbọ́dọ̀ gbàdúrà. Ohun tí ọlọ́pàá àti aṣọ́nà Wákáfù sì ń ṣọ́ ni ara: ẹni tó kúnlẹ̀, ẹni tó tẹrí ba dé ilẹ̀, ẹni tó gbọ́wọ́ sókè, ẹni tí ètè rẹ̀ ń mì. Ẹ wá ronú sí obìnrin Yorùbá tó fẹ́ kí ìyá ìjọ tó jù ú lọ, tó sì kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé. Ìkíni ni lójú tirẹ̀. Lójú aṣọ́nà, àdúrà ni. Ẹ bá ara yín sọ ọ́ ní alẹ́ tó ṣáájú: lórí òkè yẹn, kò sí ìkúnlẹ̀, kò sí ìdọ̀bálẹ̀, kódà fún bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ tún sọ fún tọkọtaya pé kí wọ́n má ṣe di ọwọ́ mú, kí wọ́n má sì gbá ara wọn mọ́ra fún fọ́tò.

Àwọn Mùsùlùmí tó ń ka èyí lè gba àwọn ẹnu ọ̀nà mìíràn wọlé láti kírun. Ẹ mọ̀ pé wọ́n lè bi yín ní ìbéèrè. Bí ó bá jẹ́ Táyọ̀ tàbí Bọ́lá ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù yín, tí kò sí orúkọ Mùsùlùmí níbẹ̀, wọ́n lè ní kí ẹ ka Fátíhà. Ẹ má bínú. Ẹ kà á, ẹ kọjá.

Nínú Ibojì Mímọ́, kíkúnlẹ̀ kò burú, ariwo ni kò dára. Ẹ ò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ nínú ibojì fúnra rẹ̀, èrò tó wà lẹ́yìn sì pọ̀. Ẹ má ká ẹsẹ̀ lé ara wọn bí ẹ bá jókòó níbi ti àwọn Gíríìkì tàbí Kọ́bùtì, àìbọ̀wọ̀ ni wọ́n kà á sí. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ pàtẹ́wọ́ kó kọrin, ọgbà tí wọ́n ń pè ní Ibojì Inú Ọgbà, lẹ́yìn odi ìlú ní apá àríwá, ló yẹ wọ́n: àjọ Kristẹni kan láti ilẹ̀ Bírítéènì ló ni ín, wọ́n ní ibi ìjókòó fún ẹgbẹ́ tó fẹ́ jọ́sìn, ẹ sì lè kọ̀wé ṣáájú láti gba àkókò. Lójú tiwa, ẹgbẹ́ tó bá ní ibẹ̀ nínú ètò rẹ̀ kì í ní ìdí láti bá ẹnikẹ́ni jà ní ibòmíràn.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọwọ́. Ọkùnrin Júù tó ń pa òfin mọ́ kì í bọ obìnrin lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí. Kí obìnrin má ṣe kọ́kọ́ na ọwọ́, kí ọkùnrin má ṣe na ti rẹ̀ sí obìnrin. Àtẹ́lẹwọ́ lé àyà, kí ẹ tẹrí díẹ̀, ó tó.

Ọjọ́ kan láti àárọ̀ dé alẹ́

Ká ní Tọ́sìdeé ni, ètò yín sì ní àgbàlá mọ́sálásí, Ògiri Ẹkún, Ibojì Mímọ́, àti ìrìn ìrọ̀lẹ́ nítòsí Mea Ṣearímù, àdúgbò àwọn Júù tó le jù nípa òfin. Obìnrin tó ti ṣe ìwádìí á wọ síkẹ́ẹ̀tì tó dé kókósẹ̀ àti búláòsì ọlọ́wọ́ gígùn tí ọrùn rẹ̀ pa dé. Kò ní wọ ṣòkòtò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣòkòtò tó fẹ̀ lè kọjá ní ibi mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí àdúgbò tó kẹ́yìn ló le jù. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri níbẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé kí obìnrin má wọ ṣòkòtò wọlé. Bí ibi púpọ̀ bá wà lọ́jọ́ kan, èyí tó le jù ni kí ẹ fi wọ aṣọ.

Àgbàlá mọ́sálásí ni yóò kọ́kọ́ lọ, ní òwúrọ̀, torí ìlà gùn níbi afárá onípákó, wọ́n sì ń tì í kí ọ̀sán tó pọ́n. Bíbélì rẹ̀ wà ní òtẹ́ẹ̀lì. Kò tíì ra àgbélébùú igi ólífì kankan, nítorí wọ́n lè gbà á lẹ́nu ọ̀nà. Rírà di ọ̀sán. Nígbà tó bá parí, kò ní láti gba ibi tó gbà wọlé jáde: ó lè gba Ẹnu Ọ̀nà Ẹ̀wọ̀n jáde sínú ọjà, kó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ògiri Ẹkún. Ìwé àdúrà tó kọ láti Ìbàdàn wà lápò. Ọkọ rẹ̀ yọ fìlà jáde, ó dé e, wọ́n pín ya, wọ́n fi ibi tí wọ́n máa pàdé sí ìdí omi ìfọwọ́ tó wà lẹ́yìn. Tí wọ́n bá ń kúrò, wọ́n á rí àwọn tó ń fi ẹ̀yìn rìn kúrò nídìí ògiri. Kò pọn dandan fún àlejò.

Lọ́nà Ibojì Mímọ́, ọkọ ṣí fìlà. Ìborùn ìyàwó lè wà lórí tàbí léjìká. Ìgbà yìí ni wọ́n ń ra nǹkan. Ní ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n bá jẹ́ èèyàn méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n lè gba ẹ̀gbẹ́ Mea Ṣearímù kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, láì ya ọmọ ẹnikẹ́ni ní fọ́tò. Bí wọ́n bá jẹ́ ogún, kí wọ́n má wọ̀ ọ́. Àwọn ará àdúgbò náà kọ ọ́ sára ògiri pé àwọn kò fẹ́ kí àlejò rọ́ wọlé ní agbo.

Bí wọ́n bá dá yín padà lẹ́nu ọ̀nà kan láìka gbogbo èyí sí, ẹ bi aṣọ́nà ní ohun kan ṣoṣo: "Kí ni kí n bò?" Ẹ na ọwọ́ sí èjìká, lẹ́yìn náà sí ẹsẹ̀, kó fi han yín. Ẹ fà sẹ́yìn díẹ̀, ẹ tú ìborùn, ẹ ró o, ẹ padà sídìí ìlà.